Bí a ṣe ń máàkì fulóṣáàtì tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ yà: àmì rẹ̀, ẹ̀ka ìpinnu rẹ̀, àti lúùpù tó ń parí lóòótọ́

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, ní kíláàsì kejì girama àgbà, nílé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni ní Ọ̀fà. Mo máa ń ní kí wọ́n ya fulóṣáàtì, ìyẹn àwòrán tó ń fi àpótí àti ọfà to ìgbésẹ̀ iṣẹ́ léra, tí yóò gba iye owó agbọ̀n ànàmọ́ márùn-ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí yóò ro owó wọn pọ̀, tí yóò sì tẹ àpapọ̀ rẹ̀ jáde. Pẹ́ńsù àti rúlà ni wọ́n fi ń yà á sórí ìwé. Ìbéèrè náà kò le, ṣùgbọ́n àtimáàkì rẹ̀ le ju bí ènìyàn ṣe rò lọ, nítorí pé fulóṣáàtì lè dára lójú kí ó má sì ṣiṣẹ́ rárá, òmíràn sì lè rí wúruwùru kí ó péye láti òkè délẹ̀.

Èmi náà ti ṣìṣe níbẹ̀ rí. Ní táàmù kan, mo fún ọmọkùnrin kan ní máàkì mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, mo sì yọ máàkì kan lára ti ọmọbìnrin tó jókòó tì í nítorí pé dáyámọ́ńdì tó yà fún ìpinnu wọ́. Ọmọbìnrin náà mú ìwé méjèèjì tọ̀ mí wá lẹ́yìn kíláàsì, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, ẹ bá mi fi ìka tẹ̀ lé ọfà tirẹ̀ wò. Kò dé ibi tí wọ́n kọ Stop sí." Mo fi ìka tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan, mo tún tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kejì, òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Lúùpù ọmọkùnrin yẹn, ìyẹn ibi tí iṣẹ́ ti ń padà sẹ́yìn láti tún ara rẹ̀ ṣe, kò lè parí títí ayé. Ojú ni mo fi máàkì rẹ̀, n kò fi ìka tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tẹ̀ lé ọ̀nà tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí, òun náà ni mo sì ń sọ fún àwọn olùkọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ darapọ̀ mọ́ wa.

Ohun tí ẹ ó ti ní lọ́wọ́ kí ẹ tó mú bírò pupa

Ẹ kọ́kọ́ yan iye owó márùn-ún sínú ìwé kékeré kan, ẹ sì ro wọ́n pọ̀ fúnra yín. Èmi máa ń lo 4000, 4500, 3800, 5000 àti 4200, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 21500. Iye tí wọ́n yàtọ̀ síra ni kí ẹ yàn, nítorí pé bí gbogbo wọn bá jẹ́ 4000, ẹ kò ní lè mọ̀ bóyá èyí tó kẹ́yìn nìkan ni fulóṣáàtì náà tẹ̀ jáde tàbí èyí àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ àwọn gbólóhùn tí ẹ ń retí nínú àwọn àpótí náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra:

```
Start
TOTAL = 0
COUNT = 0
READ PRICE
TOTAL = TOTAL + PRICE
COUNT = COUNT + 1
COUNT = 5 ?   No -> READ PRICE
              Yes -> PRINT TOTAL
Stop
```

Èyí kì í ṣe ìdáhùn kan ṣoṣo tó wà. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé ìbéèrè inú dáyámọ́ńdì sókè, kó jẹ́ pé kí ó tó ka owó kankan ni yóò ti béèrè bóyá òǹkà, ìyẹn `COUNT`, ti pé márùn-ún, ìdáhùn rẹ̀ yóò sì péye. Ó lè bẹ̀rẹ̀ òǹkà láti 1, kí ó sì béèrè `COUNT > 5 ?` ní òkè, ìyẹn náà péye. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ìdáhùn tiyín lé orí ìwé ọmọ bí ẹni ń fi àwòkọ wé àwòkọ.

Máàkì mẹ́wàá ni mo máa ń pín: mẹ́ta fún àmì, mẹ́ta fún ẹ̀ka ìpinnu, mẹ́rin fún lúùpù. Mo fi kún ti lúùpù nítorí pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: àwọn àmì

Àmì márùn-ún ni ìbéèrè yìí nílò. Àpótí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì rí roboto wà fún ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Àpótí onígun mẹ́rin tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ wà fún ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde, ìyẹn `READ` àti `PRINT`. Rẹ́tángù wà fún ìṣirò, dáyámọ́ńdì wà fún ìpinnu, ìlà ọfà ló sì so gbogbo wọn pọ̀. Bí wọ́n ṣe wà nínú ìlànà àgbáyé ISO 5807 tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1985 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé kíkà àwọn ọmọ wa ṣe ń yà wọ́n.

Ẹ wo àpótí kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá iṣẹ́ inú rẹ̀ bá àpótí náà mu. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ `READ PRICE` sínú rẹ́tángù. Níbi tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi yà á, ó lè ṣòro láti mọ̀ bóyá àpótí fífì ni ọmọ ní lọ́kàn àbí rẹ́tángù tó wọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń fi í wé rẹ́tángù tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ yà ní ibòmíràn lórí ìwé kan náà. Bí ẹ̀gbẹ́ àpótí `READ` bá fì ju ti rẹ́tángù rẹ̀ lọ, tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì fì sí apá kan náà, ó mọ ohun tó ń ṣe, kí ẹ fún un ní máàkì rẹ̀. Dáyámọ́ńdì tó wọ́ kò yẹ kó gba máàkì kankan lọ́wọ́ ọmọ níwọ̀n ìgbà tó bá ti ní igun mẹ́rin, tí ọ̀kan wà lókè, tí ọ̀kan wà nísàlẹ̀, tí méjì tó kù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí ni ẹ̀tọ́ tí mo fi du ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lo rẹ́tángù fún `READ` àti fún `PRINT`, àṣìṣe kan ṣoṣo ló ṣe, ibi méjì ló ti ṣe é. Ẹ yọ máàkì kan, kí ẹ má yọ méjì.

Ní ti ọfà, ìlànà ISO 5807 gbà pé láti òkè sí ìsàlẹ̀ àti láti òsì sí ọ̀tún ni iṣẹ́ ń ṣàn, nítorí náà ìlà tó lọ sí ìsàlẹ̀ láìní orí ọfà kò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìlà tó ń padà sí òkè gbọ́dọ̀ ní orí ọfà. Bí kò bá ní in, ẹ yọ máàkì kan, kí ẹ sì yí ibẹ̀ po, nítorí pé ìlà náà ni ẹ máa nílò jù lọ ní ìgbésẹ̀ kẹta.

Ìgbésẹ̀ kejì: àwọn ẹ̀ka ìpinnu

Ẹni tó bá ti Ìlọrin wá dé Àjàṣẹ́-Ìpo mọ̀ pé ọ̀nà pín níbẹ̀: ọ̀kan gba Ọ̀fà lọ, ọ̀kan gba Omù-Àrán lọ. Bí a bá ju àlejò síbẹ̀ láìsí ẹni tí yóò júwe ọ̀nà fún un, orí ló kù tí yóò bá a ṣe é. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni dáyámọ́ńdì tí wọn kò kọ `Yes` àti `No` sí ẹ̀gbẹ́ ìlà rẹ̀ ṣe rí.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò lára dáyámọ́ńdì, máàkì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni pé kí ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè tí a lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn. `COUNT = 5 ?` jẹ́ ìbéèrè, `COUNT = COUNT + 1` kì í ṣe ìbéèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti rí i nínú dáyámọ́ńdì lọ́pọ̀ ìgbà. Èkejì ni pé kí ìlà méjì jáde lára rẹ̀, kí àwọn méjèèjì ní orúkọ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dé ibi kan. Ìlà tó jáde tó sì dúró sí agbede méjì ìwé wà nínú ìwé àwọn ọmọ tó ń kánjú, ẹni tó ń máàkì kò sì ní rí i bí kò bá fi ìka tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta ni pé kí orúkọ náà wà ní ẹ̀gbẹ́ tó tọ́.

Ẹ̀kẹta yìí ló ń tan ojú jẹ jù. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ ya gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ, àmọ́ ó kọ `Yes` sí ara ìlà tó ń padà sókè, ó sì kọ `No` sí èyí tó ń lọ sí `PRINT TOTAL`. Tí a bá fi owó wa wò ó, ó ka 4000, òǹkà di 1, ó béèrè bóyá òǹkà jẹ́ 5, ìdáhùn jẹ́ `No`, ó sì jáde lójú ẹsẹ̀, ó tẹ 4000. Iṣẹ́ náà parí, ṣùgbọ́n agbọ̀n kan péré ló kà. Ẹ yọ máàkì kan nínú mẹ́ta ti ẹ̀ka, kí ẹ sì máàkì lúùpù rẹ̀ bí ẹni pé orúkọ náà wà ní àyè rẹ̀, kí àṣìṣe kan má baà jẹ ọmọ níyà lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá kọ orúkọ rárá, ohun kan náà ni mo máa ń ṣe. Àwọn olùkọ́ kan kò fara mọ́ èyí, wọ́n ní fulóṣáàtì tí kò ní orúkọ ẹ̀ka kò ní lúùpù. Mo gbọ́ tiwọn, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọmọ náà lóye bí òǹkà ṣe ń dá iṣẹ́ dúró, mo sì lè rí ìyẹn láìsí orúkọ ẹ̀ka.

Ìgbésẹ̀ kẹta: lúùpù

Níbí ni kí ẹ ti jókòó dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí orí ọfà tó ń padà sókè fẹnu kàn, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù sàmì kékeré síbẹ̀. Ẹ má wo ibi tí ìlà náà ń gbà kọjá, orí ọfà nìkan ni kí ẹ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé kí ẹ kọ orúkọ ohun tó ń yí padà sórí rẹ̀, kí ẹ wá bá fulóṣáàtì náà rìn pẹ̀lú owó márùn-ún yẹn, àpótí kan lẹ́yìn èkejì, láìfo èyíkéyìí. Ìdáhùn tó péye yóò rí báyìí:

```
PRICE   TOTAL   COUNT   COUNT = 5 ?
4000    4000    1       No
4500    8500    2       No
3800    12300   3       No
5000    17300   4       No
4200    21500   5       Yes
```

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a mú ìwé ọmọkùnrin tí mo fún ní mẹ́wàá. Ó fi rúlà ya gbogbo ìlà rẹ̀, àmì rẹ̀ tọ́, `Yes` àti `No` rẹ̀ wà ní àyè wọn. Ọfà `No` rẹ̀ jáde láti igun ọ̀tún dáyámọ́ńdì, ó gòkè lọ tààrà, ó sì yà wọ inú àwòrán padà. Ṣùgbọ́n kò yà sí ẹnu `READ PRICE`. Ó kọjá rẹ̀, ó sì fẹnu kan rẹ́tángù tó wà lókè rẹ̀, níbi tó kọ `TOTAL = 0` àti `COUNT = 0` sí. Nǹkan bí ìwọ̀n ìka méjì ni ìyàtọ̀ ibi méjèèjì lórí ìwé. Ẹ bá a rìn wò:

```
PRICE   TOTAL   COUNT   COUNT = 5 ?
4000    4000    1       No
4500    4500    1       No
3800    3800    1       No
```

Gbogbo ìgbà tó bá padà ló ń sọ òǹkà di òfo, tí yóò sì tún di 1. Kò lè di 2, áńbọ̀sìbọ́sí 5. Bí ẹ bá ti rí ìlà méjì tí òǹkà wọn jẹ́ bákan náà nínú tábìlì yín, kò sí ìdí láti tẹ̀ síwájú, lúùpù yẹn kò ní parí.

Ẹ kíyè sí i pé ìdajì àṣìṣe yìí tún wà, èyí tí máàkì rẹ̀ yàtọ̀. Ọmọ míì á ya rẹ́tángù méjì, `COUNT = 0` lókè, `TOTAL = 0` lábẹ́ rẹ̀, tí ọfà ìpadà rẹ̀ á sì bọ́ sí àárín àwọn méjèèjì. Òǹkà kò tún di òfo mọ́, nítorí náà lúùpù náà parí lẹ́yìn agbọ̀n márùn-ún, ṣùgbọ́n `TOTAL` ń di òfo nígbà gbogbo, ohun tí yóò sì tẹ̀ jáde ni 4200, owó agbọ̀n tó kẹ́yìn nìkan. Lúùpù tí kì í parí ni mo máa ń yọ máàkì méjì fún nínú mẹ́rin. Èyí tó parí tí àbájáde rẹ̀ kò tọ́, máàkì kan ni mo ń yọ níbẹ̀. Bákan náà ni fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ òǹkà láti 1 tó sì béèrè `COUNT = 5 ?` nísàlẹ̀ lẹ́yìn tó ti fi 1 kún un: agbọ̀n mẹ́rin ni yóò kà, yóò tẹ 17300, yóò sì parí.

Bí orí ọfà bá bọ́ sórí ìlà tó so rẹ́tángù àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ `READ PRICE`, ó péye, kò di dandan kí ó kan àpótí `READ` fúnra rẹ̀. Bí ó bá sún mọ́ rẹ́tángù ṣùgbọ́n tí kò kàn án, mo máa ń gbà pé ìlà ni ọmọ ní lọ́kàn. Bí ó bá kàn án, kò sí àforíjì, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ fi fulóṣáàtì yẹn kọ ìlànà fún kọ̀ǹpútà yóò gbà pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ padà sí.

Nígbà tí òǹkà ń rìn, tí kò sì bá àmì òpin pàdé

Àṣìṣe kan kù tí ìbéèrè ànàmọ́ kò lè fi hàn, nítorí pé 1, 2, 3, 4 àti 5 ni òǹkà rẹ̀ ń tẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe máa ń fún àwọn ọmọ ní ìbéèrè kejì lórí àjọ: ẹnì kan ń dá 3000 náírà ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí fulóṣáàtì sọ iye ọ̀sẹ̀ tí yóò lò kí owó rẹ̀ tó pé 20000. Ọ̀pọ̀ ọmọ yóò kọ `SAVED = 20000 ?` sínú dáyámọ́ńdì, nítorí pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lò fún agbọ̀n márùn-ún. Owó náà yóò jẹ́ 18000 ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, 21000 ní ọ̀sẹ̀ keje. Ó ti fo 20000 kọjá, kò sì ní padà wá bá a mọ́. Dáyámọ́ńdì náà yóò máa sọ `No` nígbà tí owó ń pọ̀ sí i. Èyí tó tọ́ ni `SAVED >= 20000 ?`, tí yóò dá iṣẹ́ dúró ní ọ̀sẹ̀ keje.

Ẹni tó ń máàkì lè má rí i bí ó bá dá ìrìn rẹ̀ dúró ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tí ó sì gbà pé ìyókù yóò bá a mu. Nítorí náà, ẹ rin lúùpù títí yóò fi kọjá ibi tí ẹ rò pé yóò ti dúró. Bí iye tí a ń fi kún un bá tóbi, ẹ kàn pín àmì òpin sí i: 20000 kò ṣeé fi 3000 pín géérégé, nítorí náà ìbéèrè tó ní àmì dọ́gba nìkan kò lè ṣiṣẹ́. Ká ní 2000 ni ẹni náà ń dá, `SAVED = 20000 ?` yóò parí ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, n kì í sì í yọ máàkì, ṣùgbọ́n mo máa ń kọ `>=` sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ọmọ lè mọ̀ pé àǹfààní iye owó ló gbà á sílẹ̀.

Ohun tí ẹ ó kọ sórí ìwé ọmọ

Alan Turing ti fi hàn láti 1936 pé kò lè sí ọ̀nà kan ṣoṣo tí yóò máa sọ fún wa, nípa gbogbo ìlànà tó lè wà, bóyá yóò parí tàbí kò ní parí. Fulóṣáàtì ilé ẹ̀kọ́ kéré sí èyíinì púpọ̀, ohun tó ń yí padà nínú rẹ̀ kì í ju méjì tàbí mẹ́ta lọ, ìrìn ìka àti tábìlì sì tó o. Fún ìdí yìí, kí ẹ má ṣe kọ "kò tọ́" lásán sórí ìwé. Ẹ fi bírò pupa yí ibi tí orí ọfà ti fẹnu kàn po, kí ẹ kọ iye òǹkà ní ìlà kìíní àti ìlà kejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bíi `COUNT: 1, 1`, kí ẹ sì fi ìlà òfo mẹ́ta sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ kí ọmọ fúnra rẹ̀ kún un. Mo máa ń ní kí wọ́n dá ìwé náà padà fún mi lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú tábìlì tí wọ́n ti kún àti ọfà tí wọ́n ti tún yà, mo sì máa ń fún ẹni tó bá mú un wá ní máàkì kan padà nínú méjì tí mo yọ.